Owó ìgbéyàwó ọdún méjì sí i: eélòó ni kí ẹ máa fi pamọ́ lóṣù?

Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ní Ìjerò lẹ́yìn ọdún méjì, tó wá pín iye tí ìnáwó náà jẹ́ lónìí sí ọ̀nà 24, ti gbàgbé nǹkan méjì. Ọjà á wọ́n sí i kí ọjọ́ náà tó dé. Bákan náà, owó tó bá wà níbi tó ti ń mú èlé wá kì í dúró lójú kan. Ohun méjì yìí ló yẹ kó wọ inú ìṣirò, ọ̀wọ́n ọjà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ wá iye ọjọ́ iwájú

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ìnáwó kan tó jẹ́ ₦1,200,000 lónìí. Bí ọjà bá ń fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí lọ́dọọdún, ìnáwó náà á di ₦1,380,000 lẹ́yìn ọdún kan, á sì di ₦1,587,000 lẹ́yìn ọdún kejì. Ìdá 15 yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, NBS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò, sọ pé ọ̀wọ́n ọjà lọ́dún kan dé ìdá 34.80. ₦1,587,000 ni ká máa lé, kì í ṣe ₦1,200,000.

Ọ̀nà kan náà la fi ń ṣírò owó ilé: ẹ bi onílé léèrè iye tó ṣeé ṣe kó fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Bí èlé ṣe ń bí èlé

Ká ní báǹkì kékeré tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ń san èlé ìdá 12 lọ́dún, tó sì ń fi í kún owó lóṣooṣù. Èlé oṣù kan jẹ́ ìdá 1, ìyẹn 0.01. Ìlànà tí a fi ń wá iye oṣooṣù nìyí:

```
P = F × i ÷ ((1 + i)^n − 1)
```

P ni owó tí ẹ ó máa fi pamọ́ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, F ni iye tí ẹ ń lé, i ni èlé oṣù kan, n sì ni iye oṣù. Ẹ fi 1.01 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí tí yóò fi di 1.01^24, ẹ ó rí 1.2697. Ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 0.2697. F lọ́nà 0.01 jẹ́ ₦15,870. Bí ẹ bá fi ìyókù yìí pín in láìgé ẹ̀sún rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí nǹkan bí ₦58,836 lóṣù.

Bí kò bá sí èlé rárá, ₦66,125 ni ì bá jẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́: ní ìparí oṣù kejì, ₦58,836 àkọ́kọ́ ti fi ₦588 kún ara rẹ̀. Ní oṣù kẹta, ₦588 yẹn pàápàá ti ń mú èlé tirẹ̀ wá. Nígbà tí oṣù 24 bá pé, ₦1,412,064 ló jáde lápò yín, nǹkan bí ₦174,900 tó kù sì jẹ́ èlé.

Alájọ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ò rí ₦58,836 gbá mú lẹ́ẹ̀kan náà, ojoojúmọ́ ni owó ń wọlé fún wọn. Alájọ sábà máa ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, owó ọjọ́ 29 ló máa dé ọwọ́ yín. Bó bá jẹ́ àjọ nìkan ni, ẹ ní láti máa dá nǹkan bí ₦2,280 lójúmọ́ kí owó náà tó pé. Àmọ́ bí ẹ bá ń gbé owó àjọ lọ síbi tó ń san èlé ní ìparí oṣù gbogbo, nǹkan bí ₦2,030 lójúmọ́ ti tó.

Àgbẹ̀ kòkó ní tirẹ̀ máa ń rí owó ńlá nígbà ìkórè. Bó bá fi ₦300,000 sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, yóò di nǹkan bí ₦380,900 lẹ́yìn oṣù 24. Ẹ kọ́kọ́ yọ èyí kúrò nínú ₦1,587,000 kí ẹ tó lo ìlànà náà, owó oṣooṣù á wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦44,700.

Ibi tí ìṣirò ti ń já kulẹ̀

Ẹ béèrè bóyá oṣooṣù ni wọ́n ń fi èlé kún owó ni àbí ìparí ọdún, àti bóyá wọ́n ń yọ owó orí lára èlé. Bí wọ́n bá ń yọ ìdá 10 lára rẹ̀, i á di 0.009, iye oṣooṣù á sì gòkè sí nǹkan bí ₦59,500. Èyí tó burú jù ni kí ọ̀wọ́n ọjà sáré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ tún béèrè iye nǹkan lọ́jà, ẹ yí F padà, kí ẹ sì tún un ṣírò pẹ̀lú iye oṣù tó kù àti owó tó ti wà nílẹ̀.