Kóńgò Mélòó Ni Yóò Bọ́ Ẹ̀rọ Yìí? Lẹ́tà Akọ̀wé sí Ọmọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Kan ní Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́,

Ìpàdé ìparí oṣù yìí ni a ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ délẹ̀, àwọn kan ní owó yíyá ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa, pé kí á má kó ẹ̀rọ sọ́rùn. Àwọn mìíràn ní kí á tètè rà á, kí á tó máa ṣe ìṣirò. Mo kọ lẹ́tà yìí kí ìṣirò náà lè dé ọwọ́ yín ṣáájú ọjọ́ ìbò. Lójú tèmi, ẹ̀rọ náà tó ohun tí à ń rà. Ṣùgbọ́n orí ohun kan ló dúró lé: bóyá ọkà tí àwa fúnra wa yóò máa gbé wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò tó o lọ.

Ẹ wo bí a ṣe wà báyìí. Ọ̀kadà ni a ń gùn dé ilé ẹ̀rọ tó súnmọ́ wa jù lọ. Fún ẹni tó gbé kóńgò méjì dání, owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ju owó tí yóò fi lọ àgbàdo rẹ̀ lọ. Àwọn ìyá tó ń ṣe ògì tà ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Àgbàdo tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú omi kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oníẹ̀rọ bá ti ilẹ̀kùn nítorí pé epo wọ́n, ògì náà á kan kọjá bó ṣe yẹ, omi rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí rùn, oníbàárà á sì ti mọ̀ kó tó tọ́ ọ wò. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òun kan náà ni wọ́n fi ń lọ ata. Bó ti wù kí wọ́n fi omi ṣàn án tó, ata a máa há sí àárín eyín rẹ̀. Ìyá á gbé ògì délé, ọmọ ọwọ́ á kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ń ta á lẹ́nu. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀rọ wa pé ata kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láé.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà níwájú wa. Ọ̀kan ní àwọn irin pẹlẹbẹ tí ń yí fìrìfìrì nínú àpótí irin, tí wọ́n ń lu ọkà títí yóò fi kúnná tó láti gba ojú asẹ́ kọjá. Ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa dọ́gba. Bí a bá fẹ́ kó rí ṣákiṣàki fún oúnjẹ adìẹ, asẹ́ nìkan ni a ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ohun gbígbẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ. Àgbàdo tí a rẹ sómi yóò lẹ̀ mọ́ asẹ́ náà, yóò sì dí i pa. Èkejì ni èyí tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, àwo irin méjì tó ní eyín tí wọ́n dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń yí, ọkà ń já sí àárín wọn, a sì ń fi ohun tí à ń wé lẹ́yìn ẹ̀rọ sún wọn mọ́ra tàbí kí á yà wọ́n. Èyí gba tútù, ó gba gbígbẹ. Gbodo fún èlùbọ́ náà yóò wọ̀ ọ́ bí a bá ti fi odó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ìyẹ̀fun ti àkọ́kọ́ dára ju tirẹ̀ lọ, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ògì ló pọ̀ jù nínú ohun tí a ń lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ alàwo irin.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ra wàhálà. Lísítà àtijọ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1929, wúwo, kì í sì í kánjú: ìgbà 650 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn kéékèèké tó ń ti Ṣáínà wá báyìí kò wọ́n tó o, ṣùgbọ́n wọ́n lè yí tó ìgbà 2,200. Bí a bá so irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí púlì rẹ̀ kò tóbi ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, àwo irin yóò máa sáré àsápajúdé, ìyẹ̀fun yóò gbóná, yóò sì máa rùn bí ohun tó jóná. Púlì onínṣì mẹ́rin ni kó wà lára ẹ́ńjìnnì, kí onínṣì mẹ́rìnlá wà lára ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ni àwo yóò máa yí bí ìgbà 630, èyí tí kò jìnnà sí ìrìn Lísítà. Ẹni tí a bá rán lọ rà á, kó mú okùn ìwọ̀n dání.

Ó wá ku owó. Iye owó ọjà kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ gba èyí bí àpẹẹrẹ, kí ẹ sì fi iye ọjọ́ tí ẹ ń kà á rọ́pò tèmi. Ilé 60 ni wá. Mo fi kóńgò mẹ́fà sí ilé kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, ó di 360. Fún àwọn tó ń ṣe ògì tà àti àwọn tó ń sin adìẹ, mo fi 340 kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kóńgò 700. Bí kóńgò kan bá jẹ́ ₦200, owó tí yóò wọlé lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦140,000.

Kí ló ń jáde? Mo ṣírò epo dísẹ̀ẹ̀lì sí lítà 24, ní ₦1,200 lítà kan, ó jẹ́ ₦28,800. Ẹni tí yóò máa lọ ọ́ yóò gba ₦25,000. Àwo irin, bẹ́líìtì àti ọ́ìlì, ₦15,000. Lẹ́yìn náà, ₦20,000 wà tí a ó máa tọ́jú lọ́tọ̀ láti fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn nígbà tí èyí bá gbó. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń fò nínú ìṣirò. Wọ́n á rò pé àwọn ń jèrè, ẹ́ńjìnnì á kú lọ́jọ́ kan, wọ́n á wá máa dá owó káàkiri ilé. Bí a bá yọ gbogbo rẹ̀, ₦51,200 ló kù. Ẹ̀rọ, ẹ́ńjìnnì, ìpìlẹ̀ kọnkéré àti àtíbàbà onípáànù jẹ́ ₦1,800,000 nínú àpẹẹrẹ mi. Ọ̀sẹ̀ 35 ni yóò fi dá a padà.

Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, mo ti tàn yín nìyẹn. Kò sí abúlé tó ń lọ kóńgò 700 láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àká á máa gbẹ títí àgbàdo tuntun yóò fi jáde. Ká ní ọkà dín sí ìdajì lásìkò yẹn, owó tó ń wọlé á di ₦70,000. Epo àti àwo irin á dín sí ìdajì pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó òṣìṣẹ́ àti owó ẹ́ńjìnnì ọjọ́ iwájú kò ní dín. Ohun tí yóò kù kò ju ₦3,100 lọ. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, tí kò jèrè, tí kò sì jẹ gbèsè, jẹ́ nǹkan bíi kóńgò 330 lọ́sẹ̀. Bí a bá fi oṣù mẹ́rin ọ̀wọ́n ọkà kún àwọn oṣù tó dára, ọdún kan gbáko ni owó wa yóò fi padà. Ìyẹn ṣì dára lójú mi. Ṣùgbọ́n bí ogún ilé bá lọ jókòó sílé ẹ̀rọ ẹlòmíràn nínú oṣù mẹ́rin yẹn, a ó máa san owó láti lọ ọkà ara wa.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn ará Róṣídéélì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sílẹ̀ ní 1844, wà lára àwọn tó dá ilé ìlọ́kà àjùmọ̀ní sílẹ̀ ní 1850. Níbẹ̀rẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ kò dára tó ti ẹlòmíràn, ó sì pàdánù owó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò tìtorí ìyẹn pa á tì, wọ́n ń ra ìyẹ̀fun rẹ̀ bí wọ́n ti ń tún un ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jèrè. Lọ́wọ́ wọn náà ni a ti rí ọ̀nà pínpín èrè tí mo fẹ́ kí á lò: kóńgò tí o bá lọ láàárín ọdún ni a ó fi pín in fún ọ, kì í ṣe bí ipò rẹ ti tó nínú ẹgbẹ́. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ wa ní kí á kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin èrè sí àpamọ́. Ìyókù ni a ó pín lẹ́yìn tí owó ẹ̀rọ bá ti wọlé tán. Nítorí náà, kò ní sí àwìn, kò sì ní sí ìlọ ọ̀fẹ́. Alága yóò sanwó, èmi náà yóò sanwó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ọlọ́mọ mọ̀. Àwo irin ń jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń jẹ sì ń bọ́ sínú oúnjẹ. Ìgbà tí àwo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun àti ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń yí lófìfo ló ń pọ̀ jù. Bí a bá so àwo tuntun, a ó kọ́kọ́ fi ọkà díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ fọ ẹnu rẹ̀. Òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ ya àwo nípá kí ọkà tó tán lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì, kó fi ọ̀rá bo òòfà, kó tì í bọ inú ìyẹ̀fun rẹ̀ gbígbẹ, kó rò ó. Bí eruku dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọn, kó pè mí, a ó dá iṣẹ́ dúró.

Bí eyín àwo bá sì ti kú, ìwé àkọsílẹ̀ epo ni yóò kọ́kọ́ fi hàn. Nínú ìṣirò tí mo ṣe lókè, kóńgò 100 ń jẹ epo lítà mẹ́ta àbọ̀. Bí ó bá ń lọ sí lítà márùn-ún, tí ìyẹ̀fun ń gbóná, síbẹ̀ tí kò kúnná, á jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kàn ń fún àwo tó ti pa lójú mọ́ra ni. Kí á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Owó rẹ̀ ti wà nínú ₦15,000 yẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kí ìpàdé tó dé kò pọ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan wọn ohun tó lọ lọ́sẹ̀ yìí, tútù lọ́tọ̀, gbígbẹ lọ́tọ̀, kó sì fún akápò ní iye kóńgò náà. Ẹ má fi kún un nítorí pé ẹ fẹ́ ẹ̀rọ, ẹ má sì yọ níbẹ̀ nítorí pé ẹ kò fẹ́ ẹ. Bí àròpọ̀ rẹ̀ kò bá tó 330, èmi fúnra mi ni n ó dìde sọ pé kí á má rà á lọ́dún yìí.

Èmi ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.