Ẹ Tẹjú Mọ́ Orí Ìlà: Ọfà Mẹ́ta Inú Àwòrán UML

Kí àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń kọ́kọ́ yàwòrán rẹ̀. UML, tí àjọ OMG fọwọ́ sí lọ́dún 1997, ni ìlànà tí wọ́n sábà ń tẹ̀ lé. Wọ́n á fi àpótí dúró fún irú nǹkan kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní kíláàsì, wọ́n á wá fi ìlà so wọ́n pọ̀. Orí ìlà yẹn ni wàhálà pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. `Customer` ni oníbàárà, `CorporateCustomer` ni oníbàárà tó jẹ́ ilé-iṣẹ́. `Order` ni ọjà tí èèyàn béèrè fún lẹ́ẹ̀kan. `OrderLine` ni ìlà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀, bíi “ìrẹsì, àpò méjì”. `Product` sì ni ọjà fúnra rẹ̀.

Ọfà ìjogún ní orí onígun mẹ́ta tí inú rẹ̀ ṣófo, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kan òbí. Láti `CorporateCustomer` ló ti máa lọ sí `Customer`. Bí wọ́n bá yí i padà, ohun tí àwòrán ń sọ ni pé gbogbo oníbàárà ló jẹ́ ilé-iṣẹ́, ìyá tó fẹ́ ra àpò ìrẹsì kan á sì ní láti mú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ wá.

Àwọn kan tún máa ń fa ọfà ìjogún láti `OrderLine` sí `Order`, torí pé ọ̀kan wà nínú èkejì. Ẹ bi ara yín: gbogbo ohun tí `Order` ní, ṣé `OrderLine` náà ní in? `Order` ní àdírẹ́sì tí wọ́n máa gbé ọjà lọ. Ìlà kan kò ní tirẹ̀. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀, apá kan lára rẹ̀ ni. Dáyámọ́ńdì ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ odindi ni dáyámọ́ńdì máa ń wà. Èyí tó dúdú túmọ̀ sí pé odindi kan ṣoṣo ló ni apá náà, àti pé bí wọ́n bá pa odindi rẹ́, apá tó ṣì wà nínú rẹ̀ á bá a lọ. Ó bá `Order` àti `OrderLine` mu gan-an. Ká ní wọ́n tún fi ọ̀kan sídìí `OrderLine` lórí ìlà tó lọ sọ́dọ̀ `Product` ńkọ́? Oníbàárà kan fagi lé ohun tó béèrè, ìrẹsì bá pòórá lórí àtẹ gbogbo èèyàn! Ẹ ò tiẹ̀ nílò kí ẹ mọ òwò náà kí ẹ tó rí irú àṣìṣe yìí: bí `*` bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáyámọ́ńdì dúdú, ó ti bàjẹ́, torí UML kò gbà ju 1 lọ níbẹ̀. Ìlà lásán ti tó láàárín àwọn méjèèjì.

Ní ti dáyámọ́ńdì tí inú rẹ̀ ṣófo, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ìwé ìlànà UML fúnra rẹ̀ sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ láti ibi iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ lè fi sídìí `Wishlist`, níbi tí oníbàárà ti ń to ọjà tó wù ú: ọjà kan lè wà nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, bí ẹ bá sì pa ọ̀kan rẹ́, ọjà ṣì wà. Ẹni tó bá fa ìlà lásán dípò rẹ̀, mi ò ní bá a jà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo kóòdù. Nínú Java, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sábà ń gbà kọ dáyámọ́ńdì méjèèjì, nítorí náà ibi tí ìparẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Bí dáyámọ́ńdì bá dúdú, tí dátábéèsì kò ní `ON DELETE CASCADE` lórí `OrderLine`, tí kóòdù kankan kò sì pa àwọn ìlà náà rẹ́, ẹ pe ẹni tó yàwòrán, kí ẹ bi í èwo nínú méjèèjì ló ní lọ́kàn.