Ta Ló San Owó Àlàfo Náà?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, àgbá epo rọ̀bì kan ń lọ ní ohun tó ju 110 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Kí oṣù kìíní ọdún 2015 tó parí, kò tó 50 dọ́là mọ́. Epo ni Nàìjíríà ń tà jù sí òkèèrè, nítorí náà owó tó ń wọlé já wálẹ̀ wìì. Àmọ́ ẹ̀rọ, oògùn, àlìkámà, ọkọ̀ àlòkù àti epo bẹntiróòlù ṣì ń gba èbúté wọlé. Àwọn òbí ṣì ń san owó iléèwé àwọn ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ilé-iṣẹ́ epo tó jẹ́ ti òkèèrè náà sì ń kó èrè wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò ọdún 2015, ohun tí Nàìjíríà san síta fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 15 dọ́là ju ohun tó wọlé fún un lọ.

Àlàfo ni ọ̀pọ̀ ìròyìn pè é, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni èyí tí mo rò pé gbogbo wa yẹ ká máa béèrè: níbo ni bílíọ̀nù 15 náà ti wá? Nàìjíríà kò lè tẹ dọ́là, àwọn tó sì ta ọjà fún wa kò fi ta wá lọ́rẹ. Ẹnì kan ló san án. Ìwé ìṣirò kan wà tó ń sọ ẹni tó san án, Báńkì Àpapọ̀ ló sì ń ṣe é fún orílẹ̀-èdè wa.

Ìwé náà ní apá ńlá méjì. Ẹ jẹ́ ká pe èkíní ní apá káràkátà. Ibẹ̀ ni ọjà tí a tà àti èyí tí a rà wà, pẹ̀lú iṣẹ́ tí àwa àti àwọn ará òkèèrè ń ṣe fún ara wa, èlé àti èrè tó ń lọ tó ń bọ̀, àti owó tí àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ sílé. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe kékeré: nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là ni lọ́dún 2015. Bí kò bá sí i, àlàfo náà ìbá ju ìlọ́po méjì lọ.

Apá kejì ni apá dúkìá àti gbèsè. Kì í bi wá léèrè ohun tí a jẹ tàbí ohun tí a lò. Ẹni tó ní kí ni àti ẹni tó jẹ ta ni gbèsè ló ń tọ́jú: ará òkèèrè tó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wa, ẹni tó yá ìjọba wa lówó, owó tí báńkì wa ní sí Niu Yọ́ọ̀kì, àti dọ́là tí Báńkì Àpapọ̀ tò pamọ́. Apá kẹta kékeré kan wà fún irú nǹkan bíi gbèsè tí wọ́n fi jì wá, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ọdún kò tó ohun tí à ń sọ.

Òfin ìwé náà ni pé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwa àti òkèèrè gbọ́dọ̀ ní ìlà méjì: ohun tí a gbà, àti ohun tí a fi gbà á.

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣòwò kan ní ọjà Alábà ní Èkó, tó ra jẹnẹrétọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ 100,000 dọ́là láti Ṣáínà. Ìlà àkọ́kọ́ rọrùn: ọjà wọlé, 100,000, ó sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ àlàfo apá káràkátà. Ìlà kejì dúró lórí bó ṣe sanwó. Ó lè jẹ́ pé báńkì rẹ̀ ní dọ́là sí Niu Yọ́ọ̀kì, tí wọ́n sì yí 100,000 kúrò nínú rẹ̀ sórúkọ ará Ṣáínà náà. Ó lè jẹ́ pé ará Ṣáínà náà fún un ní àwìn oṣù mẹ́ta. Ó sì lè jẹ́ pé báńkì rẹ̀ kò ní dọ́là kankan, tó fi ra á lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, dúkìá tí báńkì wa ní lókè òkun dín ní 100,000. Nínú ti kejì, gbèsè wa lé ní 100,000. Nínú ti kẹta, dọ́là tí ìjọba tò pamọ́ dín ní 100,000. Bó ti wù kó jẹ́, inú apá dúkìá àti gbèsè ni ìlà kejì bọ́ sí, 100,000 náà ló sì jẹ́.

Ibí yìí ló máa ń ta èèyàn lójú. Ìwé náà ka gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí owó tó wọlé, títí kan dọ́là tó fi àpò ìjọba sílẹ̀. Báwo ni owó tó jáde ṣe di owó tó wọlé? Ìdí ni pé kì í ṣe ìrìn owó bébà ni apá yìí ń tọ́pa. Ó ń bi wá léèrè pé nínú ohun ìní tó wà láàárín àwa àti wọn, èwo ló ti di tiwọn, èwo ló kù sọ́wọ́ wa? Ẹni tó yáwó àti ẹni tó fa owó ìpamọ́ rẹ̀ yọ, ipò kan náà ni àwọn méjèèjì wà: ohun tí wọ́n ní, lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè kúrò, ti dín. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé owó tó wọlé láti òkèèrè ló dí àlàfo, ẹ má ṣe rò pé àlejò kan ló gbé àpò owó wá dandan. Ó lè jẹ́ pé owó ìpamọ́ wa la jẹ.

Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó ní láti wá owó tó máa bá àlàfo dọ́gba kiri. Lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ náà yí ọwọ́ padà ni apá méjèèjì ti dọ́gba. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn ni wọ́n fi í ta wá, ìlà kejì yóò wà, àmọ́ inú apá káràkátà fúnra rẹ̀ ni yóò wà, gẹ́gẹ́ bí ọrẹ tí a gbà, kò sì ní dá àlàfo kankan sílẹ̀.

Ẹ wá wo ilé-iṣẹ́ olùdókòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó mú 100,000 dọ́là wá láti fi ra ìwé gbèsè ìjọba Nàìjíríà. Inú apá dúkìá àti gbèsè ni ìlà méjèèjì wà lọ́tẹ̀ yìí: gbèsè tí a jẹ lé ní 100,000, dọ́là tí báńkì wa ní sí Niu Yọ́ọ̀kì náà lé ní 100,000. Èkíní pa èkejì rẹ́, apá káràkátà kò sì mọ̀ sí i rárá. Lọ́jọ́ kejì, oníṣòwò Alábà yẹn ra dọ́là náà lọ́wọ́ báńkì, ó sì fi san owó jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Tí a bá pa ohun méjèèjì pọ̀, dọ́là Niu Yọ́ọ̀kì ti padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ti dé Èkó, gbèsè sì wà lọ́rùn ìjọba. Ará Lọ́ńdọ̀nù ló san owó jẹnẹrétọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni òun àti ará Alábà kò mọ ara wọn rí.

Ìdọ́gba yìí kò sọ èwo ló ṣáájú. Nígbà mìíràn, ìnáwó wa ló pọ̀ jù, tó sì fipá mú wa yáwó. Nígbà mìíràn, èlé gọbọi tí a ń san ló fa owó òkèèrè wá, tí dọ́là fi pọ̀ nílẹ̀, tí náírà dúró dáadáa, tí ọjà òkèèrè sì wá dà bí ohun tí kò wọ́n. Ẹni tó bá rí àlàfo nínú ìwé, tó sì sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìwọra àwọn tó ń ra ọjà òkèèrè ló fà á, ó ti sọ ju ohun tí ìwé náà sọ fún un lọ.

Ní ti ọdún 2015, apá kan ìdáhùn hàn kedere. Dọ́là tí Báńkì Àpapọ̀ tò pamọ́ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 34 nígbà tí ọdún 2014 parí. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 28 ló kù. Bílíọ̀nù mẹ́fà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó ìpamọ́ wa ló san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú àdínkù náà lè wá láti inú bí iye owó ilẹ̀ òkèèrè mìíràn tó wà níbẹ̀ ṣe ń yí padà sí dọ́là. Ìyókù pín sáàárín owó tí àwọn ará òkèèrè fi dá òwò sílẹ̀, owó tí wọ́n yá wa, dọ́là tí àwọn èèyàn àti báńkì wa fà yọ níta, àti ìlà kan tí wọ́n ń pè ní àṣìṣe àti ohun tó fò.

Ìlà yẹn yẹ fún àkíyèsí. Ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè ni iye ọjà ti ń wá, ọ̀dọ̀ àwọn báńkì sì ni iye owó ti ń wá, àwọn méjèèjì kì í sì í fẹnu kò nígbà gbogbo. Bí oníṣòwò wa bá sọ fún aṣọ́bodè pé 60,000 ni jẹnẹrétọ̀ òun kí owó orí rẹ̀ lè dín, nígbà tó jẹ́ pé 100,000 ni báńkì rẹ̀ san, 40,000 yóò ṣẹ́ kù tí kò ní ìlà kejì. Inú ìlà àṣìṣe ni wọ́n máa kó o sí, pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú rẹ̀, kí apá méjèèjì lè dọ́gba. Ìrẹsì tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé láti Kútọnu náà ń dá irú ìṣòro yìí sílẹ̀. Àṣìṣe lásán a máa lọ sókè, a máa lọ sísàlẹ̀. Bí ìlà náà bá tóbi, tí àmì kan náà sì wà níwájú rẹ̀ lọ́dọọdún, ọjà kan wà tó ń wọlé tí a kò rí, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ń kó owó sá lọ.

Irú owó tó dí àlàfo ṣe pàtàkì ju bí àlàfo náà ṣe tóbi tó lọ. Ẹni tó kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Ọ̀tà kò lè ká a lérí kó gbé e lọ lọ́la. Ẹni tó ra ìwé gbèsè oṣù mélòó kan lè ní òun kò ṣe mọ́. Lọ́dún 2019, tí àlàfo tún yọjú, irú owó kejì yìí pọ̀ lọ́wọ́ wa, nítorí èlé tí Báńkì Àpapọ̀ ń san wuyì púpọ̀. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Dọ́là kò tó, wọ́n sì tò sórí ìlà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ yá wa, tí owó ìpamọ́ náà sì ń tán lọ? Apá méjèèjì yóò ṣì dọ́gba, àmọ́ apá káràkátà ló máa sún kì. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn lọ́dún 2016. Owó ìpamọ́ ti dé nǹkan bíi bílíọ̀nù 24 ní oṣù kẹwàá. Ohun 41 ni Báńkì Àpapọ̀ ti sọ láti oṣù kẹfà ọdún 2015 pé kò sí dọ́là láti fi rà wọ́n lọ́jà ìjọba mọ́, ìrẹsì àti sìmẹ́ǹtì wà nínú wọn, títí dórí igi tí a fi ń ta eyín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, náírà kúrò ní nǹkan bí 197 sí dọ́là kan, ó bọ́ sí nǹkan bí 280. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò rí dọ́là ra ohun èlò dín iṣẹ́ kù, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè sì súnkì ní nǹkan bí ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàfo náà parẹ́, àjẹṣẹ́kù díẹ̀ sì dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ka àjẹṣẹ́kù yẹn láìwo ìlà tó wà lókè rẹ̀ lè rò pé ohun tí a tà ló pọ̀ sí i. Owó epo wa lọ́dún náà tilẹ̀ kéré sí ti 2015. Ohun tí a kò rí rà ló pọ̀.