Àtẹ Kan, Owó Méjì: Bí Òṣìṣẹ́ Tó Ń Tajà Ṣe Lè Yẹ Kọmíṣọ̀n Rẹ̀ Wò

Ìlà kan ṣoṣo ni kọmíṣọ̀n sábà máa ń gbà nínú ìwé owó-oṣù òṣìṣẹ́ tó ń tajà. Orúkọ rẹ̀ á wà lápá òsì, iye owó á wà lápá ọ̀tún, kò ní sí àlàyé kankan láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà pé ní láti padà sídìí ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi la ètò sísan án kalẹ̀. Ibẹ̀ ni àtẹ ìdá wà: bí o bá tà tó báyìí, ìdá báyìí ni tìrẹ, bí ọjà bá ròkè sí i, ìdá náà á ròkè. Àtẹ yìí kì í le lójú. Síbẹ̀, èèyàn méjì lè fi àtẹ kan náà ṣírò ọjà kan náà, kí owó tí ọ̀kan rí sì fi ₦150,000 ju ti èkejì lọ. Ohun tó ń fà á kò sí nínú àtẹ fúnra rẹ̀. Inú gbólóhùn tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ àtẹ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta táìlì fún ilé-iṣẹ́ kan ní Orílé, l'Ékòó, ṣe àpẹẹrẹ. Àtẹ tó wà nínú ìwé rẹ̀ nìyí:

- Ìpele kìíní: láti ₦0 dé ₦5,000,000, ìdá 1%
- Ìpele kejì: èyí tó lé ní ₦5,000,000 dé ₦10,000,000, ìdá 2%
- Ìpele kẹta: èyí tó lé ní ₦10,000,000, ìdá 3%
- Bónọ́ọ̀sì: ₦50,000 fún ẹni tí ọjà rẹ̀ bá pé ₦12,000,000 lóṣù

Lóṣù tí à ń wí yìí, àpapọ̀ owó tó wà lórí àwọn ínfọ́ìsì rẹ̀ jẹ́ ₦13,975,000.

Èwo gan-an ni wọ́n ń pè ní ọjà títà?

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìdá, ó ní láti mọ iye tí ìdá náà máa jókòó lé. Ìwé púpọ̀ ló sọ pé iye ọjà láìka owó-orí ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọjà tí oníbàárà dá padà kúrò. Owó-orí ọjà, èyí tí wọ́n ń kọ VAT sí lórí ínfọ́ìsì, ti di 7.5% ní Nàìjíríà láti oṣù kejì ọdún 2020. Owó ìjọba ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í san kọmíṣọ̀n lórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Wọ́n á mú 7.5% nínú ₦13,975,000, wọ́n á rí ₦1,048,125, wọ́n á sì yọ ìyẹn kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ọjà kí wọ́n tó fi owó-orí lé e ni wọ́n fi ṣírò 7.5% yẹn, kì í ṣe àpapọ̀ owó tó wà nísàlẹ̀ ínfọ́ìsì. Ńṣe ni ká pín àpapọ̀ náà sí ọ̀nà 1.075. Ohun tó máa jáde ni ₦13,000,000 gẹ́lẹ́, owó-orí á sì jẹ́ ₦975,000.

Oníbàárà kan dá táìlì tó ti sán padà, iye rẹ̀ láìka owó-orí jẹ́ ₦950,000. Tí a bá yọ ọ́, ọjà oṣù náà ku ₦12,050,000. Ó ti kọjá ₦12,000,000, bónọ́ọ̀sì ti di tirẹ̀. Àmọ́ bí akáńtàǹtì bá yọ owó-orí lọ́nà àìtọ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ₦11,976,875 ni yóò kù, bónọ́ọ̀sì á sì fò ó. Kọmíṣọ̀n pàápàá á fi ₦2,193.75 dín. Àṣìṣe kékeré nínú yíyọ owó-orí ti jẹ ₦52,193.75 mọ́ ọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àtẹ ìdá rárá.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí ìwé náà gbà pé ọjà di títà. Àwọn kan gbà pé ọjọ́ tí ínfọ́ìsì jáde ni, àwọn mìíràn ní ó di ìgbà tí oníbàárà bá sanwó. Níbi tí wọ́n bá ti ń tajà láwìn, ọjà tí ẹ tà lóṣù yìí lè di kọmíṣọ̀n oṣù tó ń bọ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ẹnì kan jẹ yín lówó.

Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ka àtẹ

Ní báyìí tí a ti ní ₦12,050,000 lọ́wọ́, ìdá wo ló kàn án? Ọ̀nà kìíní ni ká ka owó náà ní ìpele-ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan gba ìdá tirẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń da omi sínú ìkòkò mẹ́ta: ìgbà tí tàkọ́kọ́ bá kún ni omi tó kù máa lọ sínú èkejì. Mílíọ̀nù márùn-ún àkọ́kọ́ gba 1%, ìyẹn ₦50,000. Mílíọ̀nù márùn-ún tó tẹ̀ lé e gba 2%, ìyẹn ₦100,000. ₦2,050,000 tó kù gba 3%, ìyẹn ₦61,500. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦211,500.

Ọ̀nà kejì ni pé ìpele tí ọjà bá parí sí ni yóò sọ ìdá gbogbo rẹ̀, láti orí náírà àkọ́kọ́. Ìdá 3% lórí ₦12,050,000 jẹ́ ₦361,500. Ìyàtọ̀ ₦150,000 tí a sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà méjèèjì ló bófin mu, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń lo méjèèjì. Ìwé àdéhùn ló máa sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Bí ó bá wí pé ìdá náà wà fún «apá ọjà tó bọ́ sínú ìpele kọ̀ọ̀kan», ọ̀nà kìíní ni. Bí ó bá wí pé ìdá tí òṣìṣẹ́ bá dé kan «gbogbo ọjà oṣù náà», ọ̀nà kejì ni. Ẹni tó ń san owó-orí lórí owó-oṣù ti mọ ọ̀nà kìíní, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń bu owó-orí lé lọ́dún kò ní owó-orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e sì ń san 15%. Ẹni tí owó rẹ̀ bá jẹ́ ₦900,000, orí ₦100,000 tó lé nìkan ni yóò ti san 15%, ìyẹn ₦15,000. ₦800,000 tó ti kọjá kò padà wọnú ìṣirò.

Ààlà ìpele ló ń fi ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì hàn jù lọ. Lọ́nà kejì, ẹni tó ta ₦10,000,000 gẹ́lẹ́ ń gba 2%, ìyẹn ₦200,000. Tó bá fi náírà kan lé e, 3% dé, owó rẹ̀ di ₦300,000. Náírà kan ti mú ₦100,000 wá. Lọ́nà kìíní, náírà kan yẹn á mú kọ́bọ̀ mẹ́ta wá. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó bá ń lo ọ̀nà kejì ní láti kọ ọ́ kedere bóyá ₦10,000,000 gẹ́lẹ́ wà nínú ìpele kejì tàbí ìkẹta.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń yí ìwé padà

Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ni kò wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwé sọ ohun kan, Excel ń ṣe nǹkan mìíràn. Ìlà tí wọ́n sábà máa ń kọ nìyí, níbi tí `B2` ti jẹ́ iye ọjà, tí `E2:F4` sì jẹ́ àtẹ:

```
=B2*VLOOKUP(B2,E2:F4,2,TRUE)
```

Ìlà yìí ń wá ìpele tí ọjà parí sí, ó sì ń fi ìdá ibẹ̀ lu gbogbo ọjà. Ọ̀nà kejì ló mọ̀. Àléébù mìíràn tún wà nínú rẹ̀: bí ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kẹta nínú àtẹ bá jẹ́ 10000000, ẹni tó ta ₦10,000,000 gẹ́lẹ́ máa gba 3%, bẹ́ẹ̀ ìwé ní èyí tó lé ní iye yẹn nìkan ló tọ́ sí. Bí ìwé bá ní kí wọ́n kà á ní ìpele-ìpele, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni:

```
=MIN(B2,5000000)*1%
 +MAX(0,MIN(B2,10000000)-5000000)*2%
 +MAX(0,B2-10000000)*3%
```

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọjà bá ti wọ ìpele kẹta nínú àtẹ yìí, ẹ mú 3% gbogbo rẹ̀, kí ẹ yọ ₦150,000. Bí ó bá parí sí ìpele kejì, ẹ mú 2%, kí ẹ yọ ₦50,000. Èsì rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ti ọ̀nà kìíní.

Bí wọn kò bá fi ìṣirò hàn yín rárá, ẹ pín kọmíṣọ̀n tí wọ́n san fún iye ọjà. ₦211,500 tí a pín fún ₦12,050,000 ń fún wa ní nǹkan bíi 1.76%. Ìdá yìí kò sí nínú àtẹ. Àárín 1% àti 3% ló bọ́ sí, àmì pé ìpele-ìpele ni wọ́n kà á. Bó bá jẹ́ 3% gẹ́lẹ́ ló jáde, ọ̀nà kejì ni wọ́n lò. Bó bá sì bọ́ sáàárín, àmọ́ tí kò bá iye tí ẹ ṣírò mu, iye ọjà tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ló yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ padà sórí owó-orí àti ọjà tí wọ́n dá padà.

Bí a ṣe ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì

Ẹni tó kàn lọ sọ pé «owó mi ò pé» ò ní rí nǹkan gbà bọ̀ ju ìlérí lọ. Kí ọ̀dọ́bìnrin wa tó wọlé, ó ti kọ ọ́ sínú bébà: àpapọ̀ ínfọ́ìsì, owó-orí, ọjà ìdápadà, iye tó kù, ìpele mẹ́ta, bónọ́ọ̀sì. Ó lè wá sọ pé, «Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. ₦209,306.25 ni mo rí, kò sì sí bónọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí ẹ ti yọ owó-orí.» Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ìlà kan pàtó ló nawọ́ sí, akáńtàǹtì sì lè ṣí Excel rẹ̀ kó wò ó lójú ẹsẹ̀. Tí àṣìṣe bá fara hàn, ₦261,500 ló yẹ kó gbà, tòun ti bónọ́ọ̀sì.

Ohun kan wà tí ìṣirò kò lè yanjú, ìyẹn ìwé tó dákẹ́. Bí ìwé kò bá sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà ka àtẹ, èsì méjèèjì ló lè tọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìṣirò nìkan borí èkejì. Ìgbà tí wọ́n gbé ètò tuntun wá, kí ọjà oṣù àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ló dára jù láti béèrè. Ẹ ní kí wọ́n fi àpẹẹrẹ ìṣirò mẹ́ta sínú ìwé náà: ọ̀kan fún ọjà tó wà láàárín ìpele, ọ̀kan fún ọjà tó bọ́ sórí ààlà gẹ́lẹ́, ọ̀kan fún oṣù tí wọ́n dá ọjà padà. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù, òṣìṣẹ́ rẹ̀ á sì lè ṣírò owó tirẹ̀ kí ìwé owó-oṣù tó dé.