Alofẹ́rà Tó Ń Wá Oòrùn

Alofẹ́rà tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì kì í pẹ́ tín-ín-rín. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, ewé rẹ̀ á sì tẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé òùngbẹ ni, ni wọ́n bá tún bomi rin ín, bẹ́ẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ tí kò rí oòrùn kì í tètè gbẹ. Bí ìdí rẹ̀ bá rọ̀, tó ń rùn, ó ti ń jẹrà nìyẹn. Bó bá ṣì le, ẹ gbé e sí oòrùn àárọ̀ fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Oòrùn ọ̀sán òjijì á jó o. Ewé tó ti tẹ̀ kò ní nàró mọ́. Èyí tó bá yọ láàárín ni kẹ́ ẹ máa wò.