Wákàtí Mélòó Ni Yóò Dínkù Ní Tòótọ́?

Ímeèlì kan wọlé fún ọ̀gá tó ń bójú tó ìṣúná ilé-iṣẹ́ kan. Ẹni tó ń ta ètò orí kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́: kí ọ̀gá wá wo àfihàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí pé ètò náà yóò dín wákàtí 32 kù nínú iṣẹ́ wọn lóṣooṣù. Kí ọ̀gá tó fèsì, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ní lọ́kàn ni fífi ìwé báńkì wé ìwé ilé-iṣẹ́. Bí oṣù bá parí, àkántà á tẹ́ síteétímẹ̀ǹtì báńkì sí apá kan, á gbé ìwé tiwọn sí apá kejì, á sì máa fàmì sí owó tó bára mu.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-iṣẹ́ tó ń pín oògùn l'Ékòó ni. Ìlà 1,200 ló wà nínú síteétímẹ̀ǹtì wọn, iṣẹ́ náà sì ń gba wákàtí 40. Olùtajà ní ètò òun ń so 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà pọ̀ fúnra rẹ̀, ló bá ṣírò 80 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí 40, ó di 32.

Ìka ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà wọ̀nyí. Ìlà 960 tí ètò náà lè so pọ̀ ni èyí tó rọrùn; ìṣẹ́jú kan àti ìdajì ìdajì ìṣẹ́jú ni àkántà ń lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 20. Ìlà 240 tó kù ló ní wàhálà: ẹnì kan san owó ọjà mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló sì wà lórí tiránsífà náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 20 míì nìyẹn, àkántà ni yóò ṣì ṣe é. Bí ó bá tún fi wákàtí méjì yẹ iṣẹ́ ètò náà wò, wákàtí 18 ló dínkù.

Àyẹ̀wò yẹn ò ṣeé fò. Bí oníbàárà méjì bá jẹ iye kan náà, tí ẹnì kan ṣoṣo sì san, ètò tó ń wo iye owó nìkan lè pa gbèsè ẹni tí kò san rẹ́. Ẹni tó san ni wọn yóò wá kọ̀wé sí pé kó wá san gbèsè.

Nítorí náà, kí ọ̀gá fèsì pé síteétímẹ̀ǹtì oṣù tó kọjá ni kí wọ́n fi ṣe àfihàn náà. Kó fi orúkọ mìíràn rọ́pò ti àwọn oníbàárà nínú ìwé méjèèjì, kó rí i pé àwọn ìlà tó le wà níbẹ̀, kó sì wò ó bóyá ètò náà ń fi èyí tí kò dá a lójú sílẹ̀ fún ènìyàn, tàbí ó ń fi tipátipá so ó pọ̀. Olùtajà tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo àfihàn rẹ̀. Èyí tó bá ní àpẹẹrẹ tòun nìkan lòun yóò lò, ẹ má fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yín.