Kí Owó Tò, Kí Àkọlé Má Sọnù: Bí A Ṣe Ń Tẹ Ètò Ìṣúná Sínú Àtẹ

Bí wọ́n bá ń ka ètò ìṣúná ní ìpàdé ẹgbẹ́, ojú ewé kejì ni ìbéèrè sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á gbé ìwé sókè, á ní, "Akápò, nínú òpó méjì tó kẹ́yìn yìí, èwo ni owó ẹyọ kan, èwo ni àpapọ̀?" Àkọlé ti dúró sí ojú ewé kìn-ín-ní. Ẹlòmíràn á ka 85,000 sí 850,000, nítorí pé ibì kan náà ni nọ́ńbà méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, àfi kí èèyàn máa fi ìka ka òdo. Níkẹyìn, ewé kan á tún jáde tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

Owó tó wà nínú ìwé náà lè pé pérépéré. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ń fi ojú díwọ̀n ni: ó ń tẹ àlàfo títí nọ́ńbà fi jọ pé ó tò, ó sì ń tẹ Enter títí ìlà fi bọ́ sí ojú ewé tó kàn. Bẹ́ẹ̀, Microsoft Word ní ìlànà tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí. Tí a bá lo ìlànà yẹn, a lè fi ìlà márùn-ún kún àtẹ náà lọ́la, ìyókù kò ní yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ètò ìṣúná ọdún 2026 ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní nǹkan bí 60 ìlà, ó gba ewé mẹ́ta, òpó rẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún: nọ́ńbà, ohun tí a fẹ́ ná owó lé, iye rẹ̀, owó ẹyọ kan, àti àpapọ̀. Mẹ́ta nínú ìlà rẹ̀ nìyí: 120 àpò sìmẹ́ǹtì ní 9,800.00, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,176,000.00, 640 lítà dísù fún jẹnẹrétọ̀ ní 1,150.75, tó jẹ́ 736,480.00, àti owó ọkọ̀, 85,000.00.

Ìwé ṣáájú àtẹ

Kí ẹ tó fa àtẹ rárá, ẹ sọ fún Word irú ìwé tí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí. Ìwé A4 ló wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, 21 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 29.7 ní gígùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ti Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé Letter, tó gbòòrò ju A4 lọ díẹ̀, tó sì kúrú jù ú lọ. Àtẹ tó tò dáadáa lórí Letter lè já níbòmíràn nígbà tó bá dé orí A4. Ẹ lọ sí Layout, ẹ tẹ Size, kí ẹ sì yan A4.

Tí àlàfo etí ìwé bá jẹ́ 2.54 sẹ̀ǹtímítà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ohun tó kù fún àtẹ ní ìbú jẹ́ 15.92. Ẹ pín in fún òpó márààrún: 1 fún nọ́ńbà, 6.4 fún orúkọ nǹkan, 1.8 fún iye, 3 fún owó ẹyọ kan, 3.7 fún àpapọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15.9. Òpó àpapọ̀ ló fẹ̀ jù nínú àwọn òpó owó, torí ibẹ̀ ni nọ́ńbà tó gùn jù máa dúró sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi máòsì ọ̀tún tẹ àtẹ náà, ẹ ṣí Table Properties, ẹ tẹ Options, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú "Automatically resize to fit contents". Tí àmì yẹn bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn kan ṣoṣo lè fẹ òpó tirẹ̀, kó sì fún òpó owó pa, débi tí nọ́ńbà á fi ṣẹ́ sí ìlà méjì.

Bí owó ṣe ń tò

Ìdí tí bọ́tìnnì àlàfo kò fi lè to nọ́ńbà ni pé àlàfo kò fẹ̀ tó nọ́ńbà. Nínú lẹ́tà Times New Roman, àlàfo kan jẹ́ ìdajì ìbú nọ́ńbà kan. Nínú Calibri, kò tó ìdajì. Nítorí náà, ohun tí ẹ fi àlàfo tò nínú Times New Roman á wọ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá yí lẹ́tà náà padà sí Calibri.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí gbogbo owó ní kọ́bọ̀ méjì lẹ́yìn àmì, kódà tó bá jẹ́ .00, kí ẹ wá yan òpó náà, kí ẹ tẹ Ctrl+R. Gbogbo nọ́ńbà á fẹ̀yìn ti apá ọ̀tún: kọ́bọ̀ lábẹ́ kọ́bọ̀, ẹgbẹ̀rún lábẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ẹ ṣe àkọlé òpó náà bákan náà, kó lè dúró lórí owó tirẹ̀.

Ọ̀nà yìí kì í ṣiṣẹ́ tí àwọn kan bá ní kọ́bọ̀ tí àwọn kan kò sì ní. 1,150.75 àti 9,800 á parí síbì kan náà, 75 kọ́bọ̀ á wá dúró lábẹ́ náírà. Ohun tó ń tún èyí ṣe ni Decimal Tab, tó máa ń to nọ́ńbà ní ìbámu pẹ̀lú àmì tó pààlà láàárín náírà àti kọ́bọ̀. Ẹ lọ sí View, kí ẹ fi àmì sí Ruler. Ẹ yan àwọn àpótí owó nínú òpó náà, ẹ fi ìlà àkọlé sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ Ctrl+L kí wọ́n kọ́kọ́ wà lápá òsì. Ní ìkángun òsì rúlà, àpótí kékeré kan wà. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí àmì Decimal Tab á fi yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orí rúlà níbi tí ẹ fẹ́ kí àmì kọ́bọ̀ dúró sí. Nínú àtẹ, ẹ kò ní láti tẹ Tab kí nọ́ńbà tó lọ síbẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń sún lọ. Tí kò bá sún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Ctrl+R tàbí Ctrl+E ṣì wà lórí àpótí náà.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu tàbí Lómè lórí Windows tí wọ́n tò sí èdè Faransé ní láti ṣọ́ra. Kọ́mà ni Windows bẹ́ẹ̀ fi ń pààlà kọ́bọ̀, nítorí náà 1,176,000.00 á lọ dúró níbi kọ́mà rẹ̀ àkọ́kọ́. Fún owó séfà tí kò ní kọ́bọ̀ nínú ìṣúná, Ctrl+R nìkan ti tó.

Àmì ₦ kò yẹ kó wà níwájú gbogbo nọ́ńbà. Ẹ kọ ọ́ sí orí òpó lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá sí lórí kíbọ́ọ̀dù yín, ẹ tẹ 20A6, kí ẹ tẹ Alt+X tẹ̀ lé e.

Àkọlé tó ń tẹ̀ lé wa dé ojú ewé kẹta

Ẹ yan ìlà àkọlé, ẹ lọ sí Layout ti àtẹ (tí Word tuntun ń pè ní Table Layout), kí ẹ tẹ Repeat Header Rows. Tó bá jẹ́ ìlà méjì ni àkọlé yín, ẹ yan méjèèjì pọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nínú àtẹ gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí ẹ yàn.

Àwọn kan á ṣe gbogbo èyí, síbẹ̀ àkọlé kò ní yọ lójú ewé kejì. Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Èkíní ni pé wọ́n ti tẹ Ctrl+Enter sáàárín àtẹ láti tì í sí ewé tó kàn. Ìyẹn gé àtẹ sí méjì, apá kejì kò sì mọ àkọlé apá kìn-ín-ní mọ́. Èkejì ni pé àtẹ náà ń léfòó láàárín ọ̀rọ̀: nínú Table Properties, Text wrapping rẹ̀ wà ní Around. Ẹ dá a padà sí None. Ẹ rántí pé ojú ewé kìn-ín-ní nìkan ni ẹ ti lè ṣàtúnṣe àkọlé náà.

Ibi tí ewé ti ń já náà ní ìlànà. Ẹ yan gbogbo àtẹ, ẹ ṣí Table Properties, ẹ lọ sí Row, kí ẹ yọ àmì níwájú "Allow row to break across pages". Láti ìgbà yẹn lọ, ìdajì ìlà kan kò ní wà lókè kí ìdajì rẹ̀ wà lójú ewé kejì. Kí ìlà àpapọ̀ má bàa dá nìkan bọ́ sí ewé tuntun, ẹ yan ìlà méjì tó ṣáájú rẹ̀, ẹ ṣí Paragraph, ẹ lọ sí Line and Page Breaks, kí ẹ fi àmì sí "Keep with next". Tó bá di dandan kí àpapọ̀ ré kọjá sí ewé tó kàn, ìlà méjèèjì á tẹ̀ lé e.

Àpapọ̀ tó lè tan èèyàn jẹ

Word lè ṣírò fúnra rẹ̀. Ẹ fi kọ́sọ̀ sínú àpótí àpapọ̀, ẹ tẹ Formula nínú Layout ti àtẹ, kí ẹ sì kọ:

```
=SUM(ABOVE)
```

Nínú Number format, ẹ yan `#,##0.00`. Ìlà mẹ́ta tí a fi ṣe àpẹẹrẹ á fún wa ní 1,997,480.00. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ 2026 sí orí òpó yẹn, Word á kà á mọ́ owó, èsì á sì di 1,999,506.00. Àṣìṣe náà kéré débi pé ojú lè fò ó. Ẹ gbé ọdún lọ sí àkọlé ìwé, lókè àtẹ. Tí àpótí kan bá ṣófo nínú òpó náà, ẹ kọ 0 sínú rẹ̀, torí Word lè dúró níbẹ̀ kó má ka ohun tó wà lókè rẹ̀.

Word kì í sì í tún ìṣírò ṣe tí owó kan bá yí padà. Ẹ yan gbogbo àtẹ, kí ẹ tẹ F9, kí ẹ tó tẹ ìwé jáde.

Ewé òfìfo tó kẹ́yìn

Word kì í jẹ́ kí àtẹ parí ìwé. Ó gbọ́dọ̀ fi ìpínrọ̀ kan sẹ́yìn rẹ̀, kódà kó ṣófo. Tí àtẹ bá kún ewé dé ìsàlẹ̀, ìpínrọ̀ òfìfo yẹn á bọ́ sí ewé tuntun. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+8 kí àmì rẹ̀ lè hàn, ẹ yàn án, kí ẹ sọ lẹ́tà rẹ̀ di 1. Nínú Paragraph, ẹ fi Before àti After sí 0, kí Line spacing jẹ́ Exactly, 1 pt. Ewé òfìfo náà á pòórá.

Tó bá jẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má gbé fáìlì Word nìkan lọ. Kọ̀ǹpútà wọn lè má ní lẹ́tà tí ẹ lò, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ewé á sì já níbi tí ẹ kò fọkàn sí. Ẹ lọ sí File, Save As, kí ẹ yan PDF. Kí wọ́n tó tẹ ogójì ẹ̀dà, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan, kí ẹ sì yẹ ibi mẹ́ta wò nínú rẹ̀: bóyá àkọlé wà lórí ewé kejì, bóyá kọ́bọ̀ wà lábẹ́ kọ́bọ̀, àti bóyá ìlà àpapọ̀ ní ìlà mìíràn lókè rẹ̀ lójú ewé kan náà.